Àbẹ̀kẹ́, gbọ́ ti Ìyá Ìbejì lẹ́nu mi

Lọ́ńdọ̀n,
Ọjọ́ Àìkú.

Àbẹ̀kẹ́ tèmi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Ooru Húsítìn ńkọ́? Àwa náà wà níbí, à ń bá òtútù yí i. Àbúrò mi ti bímọ, obìnrin ni. Wọ́n ti yọ eyín tó ń da Màmá láàmú. Ọkọ̀ mi ti kú pátápátá, bọ́ọ̀sì ni mò ń wọ̀.

Ọ̀rọ̀ Ìyá Ìbejì ni mo tìtorí ẹ̀ jókòó kọ̀wé. Ó dá mi lójú pé o ti gbọ́ apá kan, torí àwọn ará ibí ò lè pa ọ̀rọ̀ mọ́nú. Wọ́n ní ó jẹun tán ó sá lọ, ó sì jẹ wọ́n ní £40. Kí o tó rẹ́rìn-ín, jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ọ bó ṣe rí gan-an. Mo ní bébà bíìlì náà lọ́wọ́. Ìwọ náà mọ̀ mí, n kì í ju bébà nù.

Ọjọ́ tí ọlọ́jọ́ ìbí wa pé àádọ́ta ọdún, àwa mẹ́fà la kóra jọ sí ilé oúnjẹ kan nítòsí odò. A ti fẹnu kò pé ọlọ́jọ́ ìbí ò ní mówó jáde, àwa márùn-ún yòókù la ó san án. Oúnjẹ àti ohun mímu jẹ́ £240. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ owó iṣẹ́ sí, èyí tí wọ́n ń fi lé e nítorí àwọn tó gbé oúnjẹ fún wa, pásẹ́ǹtì 12.5, ìyẹn £30. Àpapọ̀ wá di £270. Tí o bá wá sí ìlú yìí, 12.5 yẹn ni wàá máa rí káàkiri, kò sì le ṣírò. Pín owó oúnjẹ sí ọ̀nà mẹ́jọ, ìdá kan níbẹ̀ ni owó iṣẹ́. Tó bá jẹ́ àpapọ̀ nìkan lo mọ̀, mẹ́sàn-án ni kí o pín in sí.

Ìyá Ìbejì ò fẹnu kan wáìnì. Ìrẹsì àti adìẹ ló jẹ, £22, omi lásán ló mu tẹ̀ lé e. Kí bíìlì tó dé ló ti dìde pé òun fẹ́ bá ọkọ̀ ojú irin, ó ka £22 sílẹ̀ lórí tábìlì, ó kí wa, ó lọ. Wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú £270, ó ku £248. Àwa mẹ́rin tó kù san £62 ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni ariwo ti bẹ̀rẹ̀ nínú gúrúùpù Wasáàpù: £62 làwa san, £22 ni tiẹ̀, ó jẹ wá ní £40!

Ìṣirò burúkú gbáà ni. Ká ní ó san ìpín tiẹ̀ pé, ta ni ìbá san £62? £270 sí ọ̀nà márùn-ún, £54 ni. Tó bá jẹ́ pínpín ọgbọọgba ni, £32 ló jẹ, kì í ṣe £40. Ṣùgbọ́n ta ló tiẹ̀ sọ pé ọgbọọgba ni? Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ kó tó dìde. Ẹni tó mu omi ò sì ní ìdí kankan láti san owó wáìnì tí ẹlòmíràn mu.

Mo wá fi ohun tí oníkálùkù jẹ ṣe é. £22 tiẹ̀, fi ìdá kan nínú mẹ́jọ lé e, £24.75. Ọlọ́jọ́ ìbí jẹ £45, pẹ̀lú owó iṣẹ́ ó di £50.63. Pín ìyẹn sí márùn-ún, ó kàn án ní £10.13. Gbogbo ẹ̀ papọ̀, £34.88. Ó ti san £22, ó ku £12.88. Ohun tó gbàgbé ò ju méjì lọ: owó iṣẹ́ orí oúnjẹ tiẹ̀, àti ìpín tiẹ̀ nínú oúnjẹ ọlọ́jọ́ ìbí. Tí àwa mẹ́rin bá pín £12.88 yẹn, £3.22 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Lórí £3.22 ni wọ́n ṣe fẹ́ fa aṣọ ìyá oníyàá ya. Ṣé wọ́n ti gbàgbé ọ̀rọ̀ ṣúgà ìyàrá kẹrìnlá ni? Èmi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni o.

Wá gbọ́ èyí tó dùn jù. Ọmọ tó gbé ẹ̀rọ káàdì wá na ẹ̀rọ sí wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Kó tó gba káàdì, ẹ̀rọ náà máa ń bi ọ́ bóyá o fẹ́ fi típù kún un: 10, 12.5, 15, tàbí kí o má fi nǹkan kan. Kò sọ pé £30 ti wà nínú bíìlì. Àwọn mẹ́ta tẹ 10. £6.20 lọ lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìlọ́po méjì owó tí wọ́n ń tìtorí ẹ̀ bínú sí Ìyá Ìbejì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé! Èmi tẹ pé n kò fẹ́, wọ́n wò mí bí ahun.

£6.20 lọ́nà mẹ́ta, £18.60. Fi £30 kún un, £48.60. Lórí oúnjẹ £240, pásẹ́ǹtì 20.25 ni típù tí tábìlì wa san, àwọn kan sì ń sọ nínú gúrúùpù pé 10 làwọn san. Ká ní gbogbo èèyàn ló tẹ 10 yẹn lórí £270, kì bá jẹ́ 22.5 gẹ́gẹ́ bí èèyàn ṣe máa rò. 23.75 ni, torí pé ẹ̀rọ ń gba 10 lórí owó iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Lọ́dọ̀ yín, owó orí ọjà máa ń dá dúró ní ìlà tiẹ̀, ẹ sì lè ṣírò típù kí ẹ tó kàn án. Níbí, inú iye orí ìwé oúnjẹ ló wà. £40 nínú £240 wa, ìjọba ló ni ín. Tí o bá fi ojú Húsítìn wò ó, lórí £200, 24.3 la san.

N kò bá àwọn ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ jà. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá 2024, òfin ti sọ ọ́ pé àwọn òṣìṣẹ́ ni kó gba gbogbo owó iṣẹ́ àti típù, ọ̀gá ò gbọdọ̀ yọ tiẹ̀ níbẹ̀. Nítorí ẹ̀ ni mi ò ṣe ní kí wọ́n yọ £30 yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a lẹ́tọ̀ọ́ sí i.

Ṣùgbọ́n Àbẹ̀kẹ́, ìṣirò kọ́ ló ń jẹ mí lọ́kàn. Ìyá Ìbejì tá a mọ̀, tó máa ń bèèrè ẹran kejì, ló jókòó ti omi. Ó ka £22 yẹn, owó wẹ́wẹ́ ló fi parí ẹ̀. Ó ti kúrò nínú gúrúùpù báyìí, kò sì gbé ìpè mi. Mo gbọ́ pé wọ́n ti dín iṣẹ́ kù níbi tí ọkọ ẹ̀ ń ṣe, n kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni.

Ìwọ ló máa ń dá lóhùn. Jọ̀wọ́, pè é fún mi. Má dárúkọ bíìlì, má dárúkọ £12.88, mo ti san án fáwọn yẹn, ẹnu wọn á sinmi. Ṣáà béèrè àwọn ìbejì, kí o fetí sí bí ohùn ẹ̀ ṣe rí. Tí o bá sì ń gbà wá lálejò ní Kérésì bó o ṣe sọ, sọ fún gbogbo wa kí ẹnikẹ́ni tó pe oúnjẹ bóyá ọgbọọgba ni tàbí kóńkó jabele.

Fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lẹ́yìn tí o bá ti bá a sọ̀rọ̀, ibi yòówù kí aago wà níbí.

Èmi ni tìrẹ,
Àdùkẹ́