Ìṣirò oògùn àti kíléèmù tí HMO ń dá padà

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Àròyé tí àwọn apòògùn ń ṣe lórí owó tí HMO, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó ètò adójútòfò ìlera, ń jẹ wọ́n kì í ṣe irọ́. Owó máa ń pẹ́, ti àwọn míì sì ń pẹ́ kọjá ààlà. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ kíléèmù, ìyẹn ìwé tí a fi ń béèrè owó oògùn lọ́wọ́ HMO, tí wọ́n dá padà, tàbí tí wọ́n gé lára owó rẹ̀, orí káńtà wa ló ti bàjẹ́ kó tó kúrò lọ́wọ́ wa. Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé jáde.

Ẹni tó ń yẹ kíléèmù wò ní HMO kò rí aláìsàn, kò rí ìgò oògùn, kò sì sí níbẹ̀ nígbà tí ẹ̀yin apòògùn pe dókítà lórí fóònù. Ìwé nìkan ló wà níwájú rẹ̀. Ohun tó ń ṣírò kò sì le: iye tí aláìsàn máa lò lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mélòó lóòjọ́, fún ọjọ́ mélòó. Á fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́po ara wọn. Bí èsì rẹ̀ bá bá iye tí ẹ béèrè owó rẹ̀ mu, ó parí. Bí kò bá bá a mu, tàbí tí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò sí lórí ìwé, ó máa gé e.

Ẹ jẹ́ ká fi ọmọ ọdún mẹ́fà kan ṣe àpẹẹrẹ, ọmọ tó wọn kílò 20. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé ibà wà lára rẹ̀, dókítà sì rí i pé àkóràn wà nínú etí rẹ̀. Ó kọ aritimẹ́tà-lumefántírìn fún ibà, amọ́ksísílìn olómi fún etí, àti parasitamọ́ọ̀lù olómi fún ara gbígbóná. Ilé ìpoògùn tí ìyá ọmọ náà gbé ìwé lọ ní àdéhùn pé kí HMO máa san owó oògùn kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá fún aláìsàn. Mo mẹ́nu ba àdéhùn yìí nítorí pé níbòmíràn, owó oògùn irú èyí ti wà nínú owó oṣooṣù tí HMO ń san fún ilé ìwòsàn lórí ẹni kọ̀ọ̀kan tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kò sí bí ìwé ṣe lè mọ́ tó tí kíléèmù náà máa kọjá. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ apá ibi tí oògùn bọ́ sí kí ẹ tó kọ ohunkóhun.

Ká bẹ̀rẹ̀ lórí oògùn ibà. Ìwọ̀n ara ni wọ́n fi ń pín aritimẹ́tà-lumefántírìn, kì í ṣe ọjọ́ orí lásán. Hóró oògùn tó jẹ́ 20/120, ìyẹn mílígíráàmù 20 aritimẹ́tà àti 120 lumefántírìn, ni ìpìlẹ̀: ọmọ tó wọn kílò 5 títí dé ìsàlẹ̀ 15 ń lo hóró kan lẹ́ẹ̀kan, kílò 15 títí dé ìsàlẹ̀ 25 ń lo méjì, kílò 25 títí dé ìsàlẹ̀ 35 ń lo mẹ́ta, ẹni tó bá wọn kílò 35 sókè ń lo mẹ́rin. Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ni gbogbo wọn, fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọmọ wa yìí máa lo 2 × 2 × 3, èyí tí í ṣe hóró 12. Bí dókítà kò bá kọ kílò ọmọ sórí ìwé, ẹni tó ń yẹ kíléèmù wò kò ní mọ̀ bóyá 12 ló yẹ kí ẹ fún un, àbí 6 tàbí 18. Bí ilé ìpoògùn kò bá ní páálí ọmọdé tí wọ́n sì gbé páálí àgbà oníhóró 24 sílẹ̀, owó 12 ni wọ́n máa rí gbà, àgbà sì ni páálí náà tọ́ sí tẹ́lẹ̀.

Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀ tí àwọn ọ̀dọ́ apòògùn kì í ṣàkíyèsí. Hóró 80/480 wà, èyí tí hóró kan rẹ̀ tó mẹ́rin ti 20/120. Àgbà tó ń lo irú èyí máa gba hóró 6 péré. Ọmọ tí kò tó kílò 15 pẹ̀lú máa gba hóró 6, àmọ́ ti 20/120 ni. Iye kan náà ni, oògùn kan náà ni, owó wọn kò dọ́gba. Bí ìwé bá kàn sọ pé “oògùn ibà, hóró 6”, tí kò kọ agbára rẹ̀, ẹni tó ń yẹ ìwé wò máa sanwó èyí tó kéré jù tàbí kó dá gbogbo rẹ̀ padà. Èmi kò dá a lẹ́bi.

Amọ́ksísílìn olómi ló ń kó ìyọnu báni jù. Dókítà kọ mílígíráàmù 250, ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́, ọjọ́ 5, “ìgò kan”. Kò kọ irú ìgò wo. Bí ó bá jẹ́ èyí tí mílílítà 5 rẹ̀ ní mílígíráàmù 250 nínú ni, 5 × 3 × 5 jẹ́ mílílítà 75, ìgò onímílílítà 100 kan sì tó o. Ṣùgbọ́n bí èyí tó wà nílẹ̀ bá jẹ́ èyí tí mílílítà 5 rẹ̀ ní 125, ọmọ máa mu mílílítà 10 lẹ́ẹ̀kan. 10 × 3 × 5 jẹ́ 150. Ìgò kan kò tó o, méjì ló máa gbé lọ. Apòògùn tó mọṣẹ́ máa fún un ní ìgò méjì, nítorí pé ọmọ kò gbọ́dọ̀ dá oògùn náà dúró ní àárín. Ohun tó tọ́ ló ṣe. Ṣùgbọ́n ó béèrè owó ìgò méjì lórí ìwé tó sọ pé ìgò kan, HMO sì sanwó ìgò kan.

Àtúnṣe rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ nígbà tí ìyá ọmọ ṣì dúró. Ẹ pe dókítà, ẹ sọ agbára oògùn tí ẹ ní fún un. Kí ó kọ ọ́ sórí ìwé: amọ́ksísílìn 125 nínú mílílítà 5, mílílítà 10 lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́, ọjọ́ 5, mílílítà 150, ìgò 100 méjì. Kí ó buwọ́ lu ẹ̀gbẹ́ àtúnṣe náà, kí ó sì kọ déètì. Ẹ má ṣe fi kálámù tiyín tún un ṣe, bó ti wù kí ó dá yín lójú tó. Ọwọ́ ìkọ̀wé méjì lórí ìwé oògùn kan, láìsí ìbuwọ́lù níbi tí wọ́n ti yí i padà, ni wọ́n ń pè ní ìwé tí a dọwọ́ sí, ìyẹn sì lè sọ gbogbo ìwé tí ẹ fi ránṣẹ́ lóṣù náà di ohun tí wọ́n máa yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Parasitamọ́ọ̀lù ní ìṣòro tirẹ̀: “bí ara bá gbóná”. Ẹnikẹ́ni kò lè ṣírò ìyẹn. Kí dókítà kọ iye tí kò gbọ́dọ̀ kọjá lóòjọ́ àti ọjọ́ tó máa lò ó dé. Ó tán.

Ẹ wá wo orúkọ àìsàn. Oògùn kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní àìsàn tó ń tọ́jú lórí ìwé. Nínú àpẹẹrẹ wa, bí dókítà bá kọ “ibà” nìkan, amọ́ksísílìn kò ní ìdí kankan tó fi wà níbẹ̀, wọ́n á sì yọ ọ́. “Ibà” gan-an tún ń fẹ́ ẹ̀rí. Láti 2010 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ká tó fún ẹnikẹ́ni ní oògùn ibà. Kí èsì àyẹ̀wò wà lórí ìwé tàbí kí wọ́n so ó mọ́ ọn. Orúkọ àti nọ́ńbà ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, kì í ṣe ti bàbá rẹ̀ tó forúkọ ìdílé sílẹ̀.

Ní ti owó, ká sọ pé nínú àdéhùn, oògùn ibà jẹ́ ₦2,000, ìgò amọ́ksísílìn kọ̀ọ̀kan ₦1,500, parasitamọ́ọ̀lù ₦1,000. Kì í ṣe iye ọjà gidi, ìṣirò ni mo fẹ́ fi hàn. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦6,000. Lábẹ́ ètò NHIA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó adójútòfò ìlera ní Nàìjíríà, ẹni tó ń gba oògùn ń san ìdá 10 nínú 100, ìyẹn ₦600. ₦5,400 ni kíléèmù. Ẹni tó bá kọ ₦6,000 ti béèrè owó tí ìyá ọmọ ti san, wọ́n á sì dá a padà kó lọ tún un kọ. Bí wọ́n bá wá gé ìgò amọ́ksísílìn kejì, ₦1,350 ló lọ, ìdá kan nínú mẹ́rin kíléèmù náà gan-an, nítorí ìlà kan tí dókítà kò kọ tán. Ètò aládàáni lè má gba ìdá 10 yìí, tàbí kó gbà jù ú lọ, ẹ ka àdéhùn ti ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Fún aláìsàn tí wọ́n darí láti ilé ìwòsàn kékeré lọ sí ńlá, kóòdù àṣẹ HMO gbọ́dọ̀ ti wà kí ẹ tó fún un ní oògùn. Kóòdù tí wọ́n gbà lọ́jọ́ kejì kì í bá déètì ìwé oògùn mu. NHIA ti pàṣẹ ní 2025 pé láàárín wákàtí kan ni HMO gbọ́dọ̀ fi kóòdù yìí ránṣẹ́. Nítorí náà, ẹ máa kọ déètì àti aago tí ẹ béèrè rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì tọ́jú àtẹ̀jíṣẹ́ tí ẹ fi béèrè. Ohun kan ṣoṣo tó máa gbèjà yín nìyẹn bí wọ́n bá pẹ́ tí aláìsàn kò lè dúró.

Mo ní ọ̀rọ̀ fún HMO náà. Kí wọ́n yé fi àròpọ̀ owó nìkan ránṣẹ́ sí wa. Bí ẹ bá gé ₦1,350, ẹ kọ ọ́ síwájú oògùn tí ẹ gé, kí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀: “iye kò bá ìwé mu”, “kò sí orúkọ àìsàn”. Apòògùn tí kò mọ ohun tó kọsẹ̀ níbẹ̀ máa tún ṣe àṣìṣe kan náà lóṣù tó ń bọ̀.

Ẹ̀yin tí wọ́n bá sì dá tiyín padà, ẹ má ṣe kọ ọ́ bí kíléèmù tuntun pẹ̀lú nọ́ńbà tuntun. Kọ̀ǹpútà wọn á rí aláìsàn kan náà, oògùn kan náà, déètì kan náà, á sì kà á sí pé ẹ ń gba owó lẹ́ẹ̀mejì. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni kí ẹ lò. Ẹ kọ sí i pé àtúnṣe ni, ẹ so ìwé tí dókítà buwọ́ lù mọ́ ọn, kí ẹ sì béèrè owó oògùn tí wọ́n gé nìkan.

Apòògùn kan,
Ìbàdàn