Fàájì Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ fún Tọkọtaya

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa,

Deutarónómì 24:5 ní kí ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó má lọ sójú ogun, kó wà nílé fún ọdún kan, kó máa mú inú aya rẹ̀ dùn. Apá mi ò ká ọdún kan. Wákàtí kan ni mò ń bẹ̀bẹ̀ fún, ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, lọ́wọ́ ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́ ọmọ kéékèèké.

Tọkọtaya kan nínú ìjọ wa gbà mí láyè láti sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe tiwọn, kí n ṣáà má dárúkọ. Ọkọ ń jó irin, ìyàwó ń ta ata ní ọjà Takie. Ọmọ wọn àgbà pé ọdún mẹ́rin, àbúrò ṣì ń mu ọyàn. Láti ọ̀sán ni wọ́n ti ń palẹ̀ alẹ́ mọ́: tó bá ti di aago mẹ́ta, wọ́n á jí ọmọ tó bá ń sùn, torí ọmọ tó sùn di aago márùn-ún ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbádùn. Ìgbà tí wọ́n bá ń se oúnjẹ ọmọ náà ni wọ́n ń dín wàrà díẹ̀ pamọ́, kó má di pé ẹnì kan tún ń padà sí ìdí àdògán.

Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ ni ìdí ọyàn. Bí ìyá bá dùbúlẹ̀ fún ọmọ lọ́yàn, àtìyá àtọmọ ni yóò sùn lọ. Orí àga ni ìyàwó yìí ń jókòó sí. Bí ọmọ bá ti sùn, bàbá ni yóò gbé e lọ sórí ẹní.

Ayò ni wọ́n ń ta. Wọn ò ra ọpọ́n. Kíréètì ẹyin ọlọ́gbọ̀n ni wọ́n gé, ìlà méjì tó ní ihò mẹ́fà mẹ́fà, wọ́n sì ṣa òkúta wẹ́wẹ́ 48, mẹ́rin mẹ́rin sínú ihò kọ̀ọ̀kan. Bí ọmọ ayò tó kẹ́yìn lọ́wọ́ rẹ bá sọ ilé ẹnì kejì di méjì tàbí mẹ́ta, o ti jẹ ẹ́. Ìyàwó ni ọ̀ta, ọkọ ni ọ̀pẹ, ìyẹn ò sì dun ọkọ rárá. Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé ọwọ́ ò gba fóònù, ẹnu sì ṣí sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ wo? Kì í ṣe owó ilé ìwé, kì í ṣe àjọ. Bí ẹnì kan bá ti ń sọ pé “èló ló kù,” ìpàdé ìnáwó nìyẹn. Ẹ sún un di Sátidé. Bí ọmọ bá jí, ẹni tí ayò kò kàn ni kó dìde, kí ẹnì kejì má fọwọ́ kan òkúta.

Mo ti bá àwọn olórí ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀: kò sí ìpàdé ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ nínú oṣù yìí. Bí ẹnikẹ́ni bá pè yín, ẹ ní pásítọ̀ ló ní kí ẹ jókòó sílé.