Ìdí tí ṣinṣin fi ń le

Bódìjà, Ìbàdàn.

Ìyá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà ni? Àwọn ọmọ ńkọ́? Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. O ní ṣinṣin tí o dín le débi pé eyín ń ro àwọn ọmọ. Ohun tí o kọ ti tú àṣírí ara rẹ̀: fúláwà gíráàmù 500, bọ́tà gíráàmù 40, mílíìkì ife kan gbáko. Bọ́tà ló kéré, mílíìkì ló pọ̀.

Tí omi bá kan fúláwà, tí ọwọ́ sì ń pò ó, ohun kan wà nínú rẹ̀ tó máa ń so pọ̀, á máa yi bí rọ́bà. Òun ló ń gbé búrẹ́dì dúró, ṣùgbọ́n tí iná bá gbẹ ẹ́ nínú ṣinṣin, líle ló ń le. Bọ́tà ló máa ń bo fúláwà lára kí omi má ráàyè dé ibẹ̀. Nítorí náà, bọ́tà ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọlé. Fún fúláwà 500 yẹn, lo bọ́tà 125 àti ṣúgà 100. Fi orí ìka fọ́ bọ́tà náà mọ́ fúláwà títí á fi dà bí gààrí. Bu ẹ̀kúnwọ́ kan, kí o fún un: tó bá dì mọ́ra, tí o sì fi ìka kàn án tó tú, ó ti tó. Fi ẹyin kan sí i, kí o wá máa ta mílíìkì sí i díẹ̀díẹ̀. Bó bá ti di odidi, ṣíwọ́, má pò ó bíi ti búrẹ́dì. Má sì ra fúláwà tí wọ́n kọ sí lára pé ti búrẹ́dì ni. Èyí tí à ń fi kóńgò wọ̀n níbí, ta ló mọ irú èyí tó jẹ́!

Má wá sọ pé kí bọ́tà kúkú pọ̀ jù o. Inú epo gbígbóná ni ṣinṣin náà máa tú sí, epo á sì máa hó kùṣọ̀kùṣọ̀.

Ó ku bó ṣe nípọn. Ìdajì sẹ̀ǹtímítà ni mo fara mọ́. Èyí tó fẹ́lẹ́ jù, gbogbo omi inú rẹ̀ ló ń gbẹ, ṣúgà á sì dì gan-an. Èyí tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà kan, ara rẹ̀ á ti pọ́n kí àárín tó jinná. Lọ́jọ́ kejì, omi àárín á ti jáde sí ara, á wá máa yi lẹ́nu. Fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí wọ́n nípọn dọ́gba sí ọ̀tún àti òsì, kí ìgò tí o fi ń yí i máa gùn wọ́n lórí.

Kọ́kọ́ dín mẹ́fà péré. Kó wọn nígbà tí wọ́n bá pọ́n díẹ̀, torí àwọ̀ wọn á ṣì máa dúdú sí i lẹ́yìn epo. Jẹ́ kí wọ́n tutù pátápátá, kí o wá ṣẹ́ ọ̀kan sí méjì. Tí inú rẹ̀ bá ki, tí kò ní ihò wínníwínní, bọ́tà kò tíì tó. Tí àárín bá ṣì rin, tó sì ṣókùnkùn, ó ti nípọn jù. Kọ èyí tí o bá rí ránṣẹ́ sí mi.

Bá mi kí Bàbá Ìbejì.

Èmi ni,
Ìyá Dámi