Sí ẹ̀yin ọmọ tí ìjábọ̀ píráktíkà ti pẹ́ lọ́wọ́ yín

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Mo kí yín láti Ọ̀ffà. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ kẹ́mísìrì, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ àdúgbò ṣì ń wá bá mi ní ìrọ̀lẹ́. Ohun tí wọ́n sábà máa ń gbé wá ni lẹ́tà tí wọ́n fẹ́ fún olùkọ́ wọn, pé kí ó fún àwọn láàyè díẹ̀ sí i nítorí ìjábọ̀ píráktíkà tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá. Ẹ̀bẹ̀ ló máa ń kún inú rẹ̀: "ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ dákun sà, ẹ ṣàánú mi." Ẹ̀bẹ̀ dára, ilé la ti kọ́ yín. Àmọ́ bí mo bá ka irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ tán, n kì í mọ ohun tí ọmọ náà ti ṣe, n kì í sì í mọ ohun tó kù. Olùkọ́ yín náà kò ní mọ̀ ọ́n.

Kí ẹ tó mú bírò, ẹ bi ara yín léèrè: ṣé àyè láti jókòó kọ̀wé ni mò ń tọrọ, àbí àyè láti padà wọ láàbù? Ọ̀tọ̀ ni méjèèjì. Bí àwọn nọ́ńbà tí ẹ kà lójú búrẹ́ẹ̀tì bá wà nínú ìwé yín, ìkọ̀wé ló kù, ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta sì tó. Bí wọ́n bá ti sọnù, tàbí tí ẹ kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é, olùkọ́ ì báà fún yín ní oṣù kan, ẹ kò ní rí nǹkan kan kọ.

Ẹ jẹ́ ká wo ti ọmọbìnrin kan tó wà ní ọdún kejì sẹ́kọ́ńdírì àgbà. Táítréṣọ̀n ni wọ́n ṣe. Ásíìdì, HCl, tí agbára rẹ̀ jẹ́ 0.10 mol/dm³, ló wà nínú búrẹ́ẹ̀tì. Ó fi pìpẹ́ẹ̀tì fa 25.00 cm³ omi NaOH sínú ìgò, ó kán mẹ́tíìlì ọ́réńjì sí i, ó wá ń tú ásíìdì sí i títí àwọ̀ yẹ́lò fi yí sí ti ọsàn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣe é. Ti àkọ́kọ́, tí a kàn fi ń dán an wò, gba 24.60 cm³. Èkejì gba 24.10, ẹ̀kẹta gba 24.20.

Mo ní kó ṣe ìṣirò náà lójú mi. Ó fẹ́ pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ kó fi mẹ́ta pín in. Mo dá a dúró. Ti àkọ́kọ́ yẹn, ó kàn ń fi hàn wá ibi tí àwọ̀ yóò ti yí ni, a kì í kà á mọ́ wọn. Àwọn tí a ó pa pọ̀, ìyàtọ̀ àárín wọn kò gbọ́dọ̀ ju 0.20 cm³ lọ. Nítorí náà 24.10 àti 24.20 ni, ìdajì àpapọ̀ wọn sì jẹ́ 24.15. Níwọ̀n bí móòlù kan HCl ti ń pa móòlù kan NaOH, a fi 0.10 sọ 24.15 di púpọ̀, a fi 25.00 pín in, agbára NaOH sì jáde sí 0.0966 mol/dm³.

Ìgbà yẹn ló tó yé òun fúnra rẹ̀ pé iṣẹ́ tó kù kò pọ̀. Lẹ́tà tó kọ lẹ́yìn náà nìyí. Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́, bí ẹ̀yin náà yóò ti ṣe ní ilé ìwé:

"Sà, ìjábọ̀ táítréṣọ̀n tó yẹ kí n fi sílẹ̀ ní Ọjọ́rú tó kọjá kò tíì tẹ̀ yín lọ́wọ́. Ẹ má bínú. Ìyá mi wà ní ọsibítù ní Ìlọrin láti Ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́bọ̀, èmi ni mo dúró tì wọ́n. Mo ṣe píráktíkà náà pẹ̀lú kíláàsì, mo sì ti da gbogbo nọ́ńbà tí mo kà kọ sí ẹ̀yìn lẹ́tà yìí. Mo ti kọ ohun tí a fẹ́ wádìí, àwọn ohun èlò àti tábìlì. Ìṣirò àti àwọn ohun tí a ṣọ́ra fún ló kù. Mo bẹ̀ yín kí ẹ jẹ́ kí n mú un wá ní àárọ̀ Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀. Bí ẹ bá máa yọ máàkì nítorí pé ó pẹ́, mo gbà."

Nínú gbogbo rẹ̀, àwọn nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn lẹ́tà yẹn ló wú mi lórí jù. Ẹ kọ ibi tí ásíìdì wà nínú búrẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó tú u àti ibi tó dúró sí, ti ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta, títí kan ti àkọ́kọ́ tí kò dára. Nígbà tí ìjábọ̀ bá dé, olùkọ́ á fi wé ti lẹ́tà, á sì rí i pé ẹ kò lo àyè tó fún yín láti tún nǹkan kan ṣe.

Torí ohun tí àwọn ọmọ kan ń fi irú àyè bẹ́ẹ̀ ṣe nìyẹn: wọ́n á lọ da ti ọ̀rẹ́ wọn kọ. Ẹ gbọ́, a máa ń rí i. Ọmọ méjì lè ní 24.10 lóòótọ́, kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí búrẹ́ẹ̀tì méjì bẹ̀rẹ̀ ní ibì kan náà, kí wọ́n sì dúró ní ibì kan náà ní ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta, ìyẹn ṣòro láti gbà gbọ́. Ẹni tó sì hùmọ̀ tirẹ̀ látinú orí sábà máa ń kọ 24.00, 24.00, 24.00. Ojú kì í kà á gún régé bẹ́ẹ̀.

Bí nọ́ńbà yín bá sọnù, ẹ sọ ọ́ ní gbólóhùn àkọ́kọ́: "Sà, ìwé tí mo kọ nọ́ńbà sí ti sọnù, mo ń tọrọ àyè láti tún píráktíkà náà ṣe." Ẹ tètè sọ ọ́. Olùkọ́ ní láti wá ìgbà tí láàbù yóò ṣófo, ó sì lè ní láti po omi tuntun. NaOH yìí, ìyẹn kọ́sítíìkì sódà tí àwọn tó ń ṣe ọṣẹ ń lò, máa ń fa kábọ̀n-dàọ́ksáìdì mọ́ra látinú afẹ́fẹ́, kì í dúró bó ṣe wà bí ó bá pẹ́ nílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi gbọ́dọ̀ mú nọ́ńbà kan tí ẹ ṣì rántí láti ọjọ́sí, kí ẹ pa á pọ̀ mọ́ èyí tí ẹ kà lónìí. Gbogbo rẹ̀ lẹ ó tún ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ní ti ìdí tó fi pẹ́, òótọ́ ni kí ẹ kọ, gbólóhùn kan sì tó. Bó bá jẹ́ pé ẹ ṣeré kọjá àkókò, ẹ kọ pé ẹ ṣeré kọjá àkókò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ikú ẹni tó wà láàyè ṣe àwáwí. Inú mi máa ń bàjẹ́ bí mo bá rí i.

Ẹ fi lẹ́tà náà lé olùkọ́ lọ́wọ́ ní ọ́fíìsì, ẹ má ṣe é ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tó ń sáré lọ sí kíláàsì. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀ bí wọ́n ti kọ́ yín, àmọ́ ìwé ni yóò rán an létí bí ẹ bá ti lọ. Ẹ má tọrọ ọjọ́ tó wọ ọ̀sẹ̀ tó ń kọ máàkì sílẹ̀ ní ìparí táàmù. Bó bá gbà, ẹ kọ ọjọ́ tó dá síwájú ìwé yín. Bí kò bá gbà, ẹ ṣì parí ìjábọ̀ náà, torí táítréṣọ̀n yóò pàdé yín nínú ìdánwò Wáèkì, òun lẹ ó sì padà kà.

Èmi ni,
Bàbá yín ní Ọ̀ffà.