Lẹ́tà ẹ̀sùn: Aṣọ mi tó hunjọ, àti ìlérí yín

Sí Ọ̀gá Ẹ̀ka Oníbàárà,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Nọ́ńbà ìrajà mi wà lọ́wọ́ yín, àwọn àwòrán tí mo fi ránṣẹ́ náà wà níbẹ̀, nítorí náà mi ò ní tún máa ka ohun tí mo rà sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lára férémù tí a fi ń di aṣọ mú láti fi abẹ́rẹ́ kó òdòdó sí i, àti sitéè tí a ń tẹ́ sẹ́yìn aṣọ kó má bàa hunjọ, ni ẹjọ́ mi wà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti rò ó fún ẹni mẹ́rin. Ẹni kẹrin ní òun á pè mí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ìṣẹ́gun mẹ́ta ti kọjá. Bóyá Ìṣẹ́gun tiyín ò tíì dé.

Ti ẹni kẹta ló dùn mí jù. Ọ̀dọ́kùnrin kan ni. N kò tíì sọ̀rọ̀ dé ìdajì tó fi ní, “Màmá, ọwọ́ yín ló ń fa òwú jù. Ẹ fa aṣọ náà le nínú férémù bí awọ ìlù, kò ní hunjọ mọ́.” Mo gbọ́ tí òun àti ẹnì kejì rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín kó tó gbé fóònù sílẹ̀.

Mo gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Aṣọ tó ń fà, irú èyí tí a fi ń rán síńgílẹ́ẹ̀tì, ni mo ń kó òdòdó sí. Mo fà á le bí awọ ìlù lóòótọ́, mo kó ewé kan. Nínú férémù, ó tẹ́ rẹrẹ. Bí mo ṣe tú férémù báyìí, ewé náà hunjọ lójú mi. Ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí mọ ìdí rẹ̀: aṣọ tí a fà gbọọrọ fẹ́ padà sí bó ṣe wà, òwú tí a ti kó sí i kò sì lè bá a padà. Aṣọ tí kì í fà ni ìmọ̀ràn awọ ìlù wà fún, àní lórí ìyẹn náà, ọ̀nà tí òwú aṣọ gbà lọ là ń fà á sí, a kì í fà á láti igun sí igun. Tó bá jẹ́ ọwọ́ mi ló ń fa òwú jù, inú férémù níbẹ̀ ni aṣọ sábà máa ń ti bẹ̀rẹ̀ sí í hunjọ, kì í sábà dúró dìgbà tí a bá tú u.

Òdòdó àkọ́kọ́ tí mo kó kí n tó pè yín ńkọ́? Ìyẹn tẹ́ pẹrẹsẹ títí mo fi fọ̀ ọ́. Sitéè tí ẹ kọ sára páálí pé a máa ń gé etí rẹ̀, tí ìyókù á sì dúró sẹ́yìn aṣọ títí láé, ni mo tẹ́ sí i. Mo gé èyí tó kù níwọ̀n èékánná, mo jù ú sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ó yọ́! Sitéè tó ń yọ́ wúlò láti ya àwòrán sí kí a tó kó o, ṣùgbọ́n lórí aṣọ tó ń fà, nígbà tí omi bá ti gbé e lọ, kí ló kù tó máa gbé òwú tó kún bí ti òdòdó dúró?

Férémù yín náà ò ràn mí lọ́wọ́. Mo fi téèpù òwú wé òrùka inú rẹ̀ kó lè di aṣọ mú, síbẹ̀ síkúrúù rẹ̀ ń tú kí n tó kó ewé òdòdó méjì tán.

Mo wá mú férémù mi àtijọ́ àti sitéè gidi tí mo ní tẹ́lẹ̀. Mo gé sitéè náà kó yọ níwọ̀n ìka méjì kọjá férémù yíká, kí férémù lè di òun àti aṣọ mú pọ̀. Mo fi òwú gùn wọ́n pọ̀ fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ ní àgbélébùú. Mo fi wọ́n sínú férémù, mo dè síkúrúù rẹ̀ ní ìdajì, mo fa sitéè nìkan le, mo fi ọwọ́ tẹ́ aṣọ kó má ṣe hunjọ, n kò fà á rárá, kí n tó dè é pinpin. Aṣọ kan náà, òwú kan náà, ọwọ́ “Màmá” kan náà. Mo tú u, mo fọ̀ ọ́, ó ṣì tẹ́. Àwòrán rẹ̀ wà nínú àpòòwé yìí, ẹ fi han ọ̀dọ́kùnrin yẹn.

Ohun tí mo ń béèrè ni owó mi, tàbí férémù tó lè di aṣọ mú pẹ̀lú sitéè tó bá orúkọ tó wà lára páálí mu. Mo tún fẹ́ kí ọ̀dọ́kùnrin náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀. Ọjọ́ 7 ni mo fún yín. Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ọ́fíìsì tó ń gba ẹjọ́ oníbàárà ni màá gbé aṣọ méjèèjì lọ, pẹ̀lú ife omi àti ìyókù sitéè yín.

Ẹ má pè mí o. Ẹ kọ̀wé.

Èmi oníbàárà yín, fún ìgbà díẹ̀ sí i.