Ẹ wọn ògiri kí ẹ tó wá òdo: lẹ́tà sí ẹ̀yin ọmọ tó ń kọ́ kálíkúlọ́ọ̀sì

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Mo kí yín o. Ọdún 31 ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò kí n tó fẹ̀yìn tì. Ìbéèrè kan wà tí n kò lè ka iye ìgbà tí mo ti máàkì rẹ̀, ìbéèrè ọgbà ni. Ẹnì kan ní wáyà, ó fẹ́ fi sọ ọgbà onígun mẹ́rin, báwo ni yóò ṣe yí i tí ilẹ̀ inú rẹ̀ yóò fi tóbi jù lọ? Púpọ̀ nínú yín mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé ẹ ti há a sórí débi pé ẹ kì í bojú wo ilẹ̀ náà mọ́.

Láìpẹ́ yìí, ọmọkùnrin kan tí mo kọ́ nígbà kan wá bá mi nílé. Ó ti ra wáyà 120 mítà láti fi sọ ọgbà fún àwọn ewúrẹ́ rẹ̀. Ògiri búlọ́ọ̀kù kan ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta péré ni wáyà yóò yí. Ó ti ṣe ìṣirò rẹ̀ sínú ìwé, mo sì ní kó jẹ́ kí n rí i.

Ó pe ìbú ọgbà, ìyẹn ẹ̀gbẹ́ tó ti ara ògiri jáde wá, ní x. Ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀ jẹ́ méjì, wọn yóò jẹ 2x nínú wáyà, 120 − 2x ló sì máa ṣẹ́ kù fún ẹ̀gbẹ́ tó dojú kọ ògiri. Ẹ dúró díẹ̀ níbí, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ yín ti ń kọsẹ̀. Nǹkan méjì ni a kò mọ̀, gígùn àti ìbú, ṣùgbọ́n wáyà ti so wọ́n pọ̀: bí ẹ bá fa ọ̀kan gùn, èkejì á kúrú. Wáyà yẹn ni ẹ máa fi yọ ọ̀kan kúrò kí ẹ tó fọwọ́ kan dẹ̀rífátíìfù rárá. Mo ti rí àwọn tó ń wá dẹ̀rífátíìfù wáyà fúnra rẹ̀. Wáyà kò yí padà, 120 ni láti òwúrọ̀ títí dalẹ́. Ilẹ̀, tí a pè ní A, ló ń yí padà, A′ sì ni dẹ̀rífátíìfù rẹ̀:

```
A = x(120 − 2x) = 120x − 2x²
A′ = 120 − 4x
```

Ó fi A′ sí òdo, ó rí x = 30. Gígùn jẹ́ 60, ilẹ̀ sì jẹ́ 1,800 sùkúẹ̀ mítà. Ká ní ó fọgbọọgba ṣe é, kí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ 40, 1,600 ni ì bá rí. Dẹ̀rífátíìfù kejì jẹ́ −4, nítorí náà téńté òkè ni 30 yìí, kì í ṣe ìsàlẹ̀ kòtò.

Ṣé ẹ mọ ohun tí òdo yẹn ń sọ? A′ ń sọ iye ilẹ̀ tí ẹ óò jèrè bí ẹ bá fi díẹ̀ kún ìbú. Bí x bá jẹ́ 20, A′ jẹ́ 40: ẹ fi kún un, ẹ óò jèrè. Bí x bá jẹ́ 40, ó di −40: ẹ ti kọjá ibi tó yẹ, ẹ padà sẹ́yìn. Ní 30, àti fífi kún àti yíyọ kúrò, kò sí èyí tó lérè. Ẹ dán an wò. 29 á fún yín ní 29 × 62, 1,798. 31 á fún yín ní 31 × 58, 1,798 náà ni. Odindi mítà kan lẹ fi ṣìnà, sùkúẹ̀ mítà 2 péré lẹ pàdánù, torí orí òkè yẹn tẹ́jú. Orí títẹ́jú yìí ni Pierre de Fermat, amòfin ará Faransé, tẹ̀ lé tó fi rí ọ̀nà yìí kí wọ́n tó bí Newton.

Iṣẹ́ ọmọ náà dára nínú ìwé. Mo wá bi í pé, “Ògiri yẹn ńkọ́, ó gùn tó mítà mélòó?” Kò lè dáhùn. A mú tépù, a lọ síbẹ̀, a wọ̀n ọ́n. 50 ni. Ó sì ti ri òpó rẹ̀ fún 60! Àlàfo mítà 10 wà níbi tí ògiri parí sí, ewúrẹ́ kò sì nílò tó bẹ́ẹ̀ láti jáde.

Òdo tó rí kò sí lórí ilẹ̀ tirẹ̀ rárá. Bí gígùn kò bá gbọdọ̀ ju 50 lọ, a jẹ́ pé 120 − 2x kò gbọdọ̀ ju 50, x kò sì gbọdọ̀ kéré ju 35 lọ. 30 ti wà lẹ́yìn ààlà. Láti 35 lọ, A′ kò di òdo níbì kankan: −20 ló fi bẹ̀rẹ̀, ó sì ń lọ sílẹ̀ sí i. Bí ìbú bá ṣe ń fẹ̀ ni ilẹ̀ ń dín kù. Ètí ààlà gan-an ló dára jù: ìbú 35, gígùn 50, ilẹ̀ 1,750.

Ọmọ náà kò gbà bọ̀rọ̀, inú mi sì dùn sí i. Ó ní, “Bàbá, bí mo bá fi wáyà dí àlàfo yẹn ńkọ́?” Ìbéèrè gidi nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká pe gígùn ní y, kí ó ju 50 lọ. Wáyà yóò jẹ́ 2x, pẹ̀lú y, pẹ̀lú y − 50 tí a fi dí àlàfo, gbogbo rẹ̀ á sì jẹ́ 120. Ìyẹn sọ x di 85 − y:

```
A = y(85 − y)
A′ = 85 − 2y
```

Èyí di òdo ní 42.5, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ibi tí y ti ju 50 lọ la wà. Ní 50, A′ ti jẹ́ −15. 60 tó fẹ́ lò tẹ́lẹ̀ á fún un ní 60 × 25, 1,500 péré, torí wáyà tí ó fi dí àlàfo ti jẹ nínú ìbú. Tí a bá sì wo ọwọ́ kejì, níbi tí y kò tíì tó 50, A jẹ́ y(120 − y)/2, A′ sì jẹ́ 60 − y, ó ṣì jẹ́ 10 nígbà tó dé 50. Ilẹ̀ ń gòkè títí dé 50, lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Bí ṣóńṣó òrùlé ló rí: páánù ọ̀tún àti ti òsì pàdé, kò sí ibi títẹ́jú láàárín wọn. Ẹni tó ń wá òdo nìkan á kọjá lára rẹ̀ láìrí i.

Ṣóńṣó kì í dáríjì bí orí títẹ́jú. Bí ìbú bá jẹ́ 36 dípò 35, 36 × 48 ni, 1,728, sùkúẹ̀ mítà 22 ti lọ. Bí ó bá jẹ́ 34, tí a sì fi wáyà dí àlàfo, 34 × 51 ni, 1,734, 16 ló lọ. Ẹ rántí pé 2 péré ni ní òkè àkọ́kọ́. Nítorí náà, kí ẹ tó wá dẹ̀rífátíìfù, ẹ kọ ibi tí x ti lè bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó lè dé sílẹ̀. Ẹ ṣírò A ní àwọn òdo tó bọ́ sí àárín, ní ètí méjèèjì, àti níbi tí fọ́múlà ti yí padà. Èyí tó bá tóbi jù lẹ óò mú.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn náà la hú òpó rẹ̀. Èmi di orí tépù mú lára ògiri, òun ń fà á lọ títí ó fi ka 35, ó sì gbẹ́ ihò òpó àkọ́kọ́ síbẹ̀.

Èmi ni bàbá yín, olùkọ́ ìṣirò.