Lẹ́tà sí Olóòtú: "2003 sí 2008" Kò Tó fún Ìpolówó Tòkúnbọ̀

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Rewáyà ni mí ní Ìkòròdú, ẹ̀gbẹ́ Àgríìkì ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Ìpolówó kan tó jáde lójú ewé ọjà nínú ìwé ìròyìn yín ló jẹ́ kí n kọ lẹ́tà yìí. Kò ju ìlà kan lọ: "Tírótù bọ́dì Tòyótà Kòrólà, 2003 sí 2008, tòkúnbọ̀ tó mọ́ tónítóní, gáráńtì wà." Ìyá kan tó ń ta ẹja yíyan, oníbàárà mi, gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́, ó sì fi ₦45,000 rà á. Kò bá ọkọ̀ rẹ̀ mu. Kò sì sí bó ṣe lè bá a mu.

Tírótù ni ẹnu tí atẹ́gùn ń gbà wọ inú ẹ́ńjìnnì. Àwo pẹlẹbẹ kan wà nínú rẹ̀. Bí awakọ̀ bá tẹ pẹ́dà, àwo náà á ṣí, atẹ́gùn á wọlé, ọkọ̀ á sáré. Kòrólà tí wọ́n ń kó wá láti Amẹ́ríkà, láti 2003 dé 2008, jọra bí ìbejì, ẹ́ńjìnnì 1.8 tó ń jẹ́ 1ZZ-FE náà ló sì wọ́pọ̀ nínú wọn. Ìjọra yìí ló ń tan àwọn èèyàn. Ní 2003 àti 2004, wáyà irin ló so pẹ́dà mọ́ tírótù, ẹsẹ̀ awakọ̀ gan-an ló ń fa àwo náà ṣí. Láti 2005, Tòyótà yọ wáyà yẹn kúrò. Pẹ́dà wá ń sọ ibi tí ẹsẹ̀ dé fún bíréènì bọ́ọ̀sì, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, bíréènì bọ́ọ̀sì ló sì ń rán iná sí mọ́tò kékeré kan lára tírótù pé kó ṣí àwo. Oníwáyà kò lè ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ 2006, oníná kò sì lè ṣiṣẹ́ nínú 2004. Ẹni tó bá sọ fún yín pé òun á bá yín dọ́gbọ́n sí i, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín lọ́wọ́ rẹ̀.

Tòyótà fúnra rẹ̀ kò pe méjèèjì ní ohun kan náà. Nọ́ńbà mẹ́wàá ni wọ́n sábà máa ń fún ẹ̀yà ọkọ̀, márùn-ún àkọ́kọ́ ló ń sọ irú ohun tó jẹ́, márùn-ún ìkẹyìn ló ń sọ ọkọ̀ tó wà fún. Tírótù tó ní mọ́tò máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 22030, oníwáyà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 22210. Ká ní nọ́ńbà yìí nìkan wà nínú ìpolówó náà, owó ìyá yẹn ì bá wà lápò rẹ̀.

Ọkọ̀ 2006 ló ń wà. Ó ń bọ̀ láti Ìgbógbó lọ́jọ́ náà ni iná ẹ́ńjìnnì tàn níwájú rẹ̀, ó tẹ pẹ́dà títí ó fi kanlẹ̀, ọkọ̀ ń rìn bí ìgbín. Nígbà tí mo fi sìkánà tó ń ka àléébù ọkọ̀ sí i, kóòdù P2112 ló gbé jáde, ìyẹn ni pé àwo náà kọ̀, kò ṣí bí bíréènì bọ́ọ̀sì ṣe ní kó ṣí. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, bíréènì bọ́ọ̀sì á pa iná mọ́tò kékeré náà, sípíríǹgì á sì di àwo mú kó ṣí díẹ̀, kí ọkọ̀ lè wọ́ dé ibi tí ewu kò sí. Mo pa ọkọ̀, mo tú rọ́bà atẹ́gùn, mo fi ìka ti àwo náà. Ìdọ̀tí dúdú ti dì mọ́ ọn létí. Mo fọ̀ ọ́, ó sì ń lọ ó ń bọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi mítà wọn ojú irin méjì tó ń gbé iná lọ sí mọ́tò náà, mítà kò ka nǹkan kan. Ó ti já nínú. Mo ní ká wá òmíràn.

Kí n tó délé, ó ti rí ìpolówó yín. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ó gbé e wá nínú ọ̀rá dúdú. Bí mo ṣe fọwọ́ kàn án ni mo ti mọ̀: kẹ̀kẹ́ kékeré tí wáyà irin ń lọ́ mọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sì sí mọ́tò kankan lára rẹ̀.

Ó ní, "Bọ̀dá Rewáyà, ṣé kò dára ni?"

Mo ní, "Ó dára, Mọ́mì. Kì í ṣe ti ọkọ̀ yín ni."

A pe ẹni tó tà á. Ó ní tòkúnbọ̀ kì í ní gáráńtì, pé ká wo ẹ̀yìn rìsíìtì. Lóòótọ́ ni wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé owó tí a bá ti gbà kò sí àdápadà. Kí wá ni "gáráńtì wà" ń ṣe nínú ìwé ìròyìn?

Mi ò ní parọ́ mọ́ àwọn ọlọ́jà. Mo mọ rewáyà tó ti jó ẹ̀yà tó dára níná nítorí pé ó so wáyà òdì, tó sì ní kí wọ́n dá owó padà. Mo tún mọ àwọn tó ń fi èyí tó ti bàjẹ́ lọ́wọ́ wọn pààrọ̀ èyí tí wọ́n rà. Ọlọ́jà tó bá fi ọ̀dà sàmì sí ọjà rẹ̀ kò ṣẹ̀. Kó kọ ọ́ síta ni: ọjọ́ mélòó ni gáráńtì náà, owó ni yóò dá padà tàbí yóò pààrọ̀, àmì ọ̀dà gbọ́dọ̀ wà bó ṣe wà. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2018 tó ń dáàbò bo oníbàárà ní kí ẹni tó ń ta àlòkù sọ pé àlòkù ni. Ó tún fún ẹni tó rà á láyè láti dá ọjà padà láìpẹ́, kó sì gba owó rẹ̀ pé, bí ó bá ti sọ ohun tó fẹ́ fi ṣe fún ọlọ́jà, tí ọjà náà kò sì wúlò fún un. Nítorí náà, ẹ̀yin tó ń rà, ẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù kí ẹ tó sanwó: "Kòrólà 2006 ni tèmi." Ẹ má pa á rẹ́.

Bí ẹ kò bá mọ ọdún ọkọ̀ yín dájú, ẹ wo nọ́ńbà ṣáásì rẹ̀. Mẹ́tàdínlógún ni, èyí tó wà ní ipò kẹwàá ló ń sọ ọdún lára ọkọ̀ Amẹ́ríkà. Bó bá jẹ́ 4, 2004 ni, bó bá jẹ́ 6, 2006 ni. Ọlọ́jà náà lè kọ nọ́ńbà ṣáásì ọkọ̀ tó tú ẹ̀yà rẹ̀ lára, pàápàá nígbà tí nọ́ńbà ara ẹ̀yà bá ti pa rẹ́.

Ẹ̀bẹ̀ mi, Olóòtú, ni pé kí ẹ má gba ìpolówó ẹ̀yà ọkọ̀ tí kò bá sọ irú ẹ̀yà tó jẹ́, ọkọ̀ àti ọdún tó bá mu, àti bí gáráńtì rẹ̀ ṣe rí. Oníná la padà rà fún ìyá yẹn, ọkọ̀ rẹ̀ sì ti ń sáré. Oníwáyà ọjọ́sí ṣì wà lórí tábìlì mi, ó ní kí n bá òun tà á. Bí mo ṣe máa kọ ọ́ nìyí:

"Tírótù bọ́dì tòkúnbọ̀, oníwáyà, irú 22210, fún Kòrólà Amẹ́ríkà 2003 àti 2004, ẹ́ńjìnnì 1ZZ-FE nìkan. Kò bá 2005 sókè mu. Nọ́ńbà ara rẹ̀ ti pa rẹ́. A gbé e sínú ọkọ̀ 2004, sípíríǹgì rẹ̀ ń dá àwo padà, ẹ́ńjìnnì sì ń ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́ láìtẹ pẹ́dà nígbà tó gbóná. Orí síkúrù kan ti jẹ. Àmì ọ̀dà pupa wà lára rẹ̀. Ọjọ́ méje: bí kò bá ṣiṣẹ́, tí àmì náà sì wà, owó yín á padà pé."

Èmi ni,
Rewáyà kan ní Àgríìkì, Ìkòròdú